Ẹ̀rí Ẹni Tí Kò Ra Ọjà

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa bá àwọn ọlọ́jà kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ọ̀kan wà tí n kì í gbà. Ẹni tó gbé e wá á kọ́kọ́ da àlàyé ọjà sílẹ̀ bó ṣe wà lára páálí: fáànù oníbátìrì, ìnṣì 16, bátìrì fóòtì 12, ó ní gílóòbù, ó ṣeé fi ṣáájì fóònù, ó ń lo wákàtí 8. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ ohun tó ń fẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kọ rífíù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Ẹ da orúkọ Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá pọ̀. Ẹ jẹ́ kí méjì nínú wọn jẹ́ ìràwọ̀ mẹ́rin, káwọn èèyàn má baà fura."

Ọmọlúàbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Ọjà wọn wà nílẹ̀ lóòótọ́, owó tí àwọn mìíràn yá ni wọ́n fi kó o. Wọ́n á wo abẹ́ ọjà ẹlòmíràn lórí fóònù, ọ̀rọ̀ oníbàárà á kún ibẹ̀ fọ́fọ́, abẹ́ tiwọn á sì ṣófo. Mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn tó. Ìdí nìyí tí n kì í fi í bú wọn. Ṣùgbọ́n n kì í kọ ọ́.

Àwa Yorùbá ò ka ìpolówó sí ohun ìtìjú. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ lè pariwo pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ìlú, kò sẹ́ni tó máa pè é ní òpùrọ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló mọ̀ pé ọlọ́jà ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n máa yọ kúrò nínú ìyìn tí èèyàn ń fún ọjà ara rẹ̀. Àmọ́ bí ẹnìkan bá dá sí i láàárín èrò, tó ní, "Mo rà níbẹ̀ lánàá, ó tẹ́ mi lọ́rùn," ọ̀rọ̀ tirẹ̀ á wọ̀n ju ti ọlọ́jà lọ, nítorí pé èrè kankan ò kàn án níbẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ọlọ́jà ló fún un lówó kó tó sọ bẹ́ẹ̀, tí kò sì fi ẹnu kan ẹ̀kọ náà rí, ẹlẹ́rìí èké ni. Ìyìn tó sọ lè má ju ti ọlọ́jà lọ rárá. Irọ́ tó pa ni pé ó pe ara rẹ̀ ní oníbàárà.

Ẹni tó wà ní Ṣakí tó fẹ́ ra fáànù lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Èkó kò lè gbé e wò, kò sì lè tan án kó gbọ́ ìró rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti rà á ṣáájú ló kù tó lè fi dáàbò bo owó rẹ̀. Tí mo bá wá jókòó sí Ìbàdàn níbí, tí mo fi orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ ohun tí n kò rí, mo ti já ààbò yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń bẹ irú iṣẹ́ yìí kì í rò. Kò sí bí èèyàn ṣe lè rí rífíù fà yọ láti inú ohun tí wọ́n kọ sára páálí, nítorí pé ohun tí páálí ò mọ̀ gan-an ni rífíù wà fún. Ẹ wo èyí: "Fáànù yìí dára gan-an. Ìnṣì 16 ni, bátìrì rẹ̀ ń lo wákàtí 8. Ẹ ra tiyín." Ẹ wá wo bí ẹni tó lò ó ṣe máa ń kọ tirẹ̀: "Wọ́n múná lọ láago mẹ́wàá alẹ́. Mo yí i sí èyí tó le jù nítorí àwọn ọmọ, aago kan ò tíì lù dáadáa tó fi kú. Lọ́jọ́ kejì mo yí i sí èyí tó rọra ń fẹ́, ó bá wa dé àárọ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀ díẹ̀."

Ẹni kejì yìí ti sọ ohun tó lè pinnu bóyá ìyá ọlọ́mọ máa ra fáànù náà tàbí kò ní rà á. Ìṣirò sì gbè é lẹ́yìn. Bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 7Ah, irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú fáànù báyìí, agbára tó lè gbé kò ju nǹkan bíi 84Wh lọ. Bí fáànù bá ń jẹ 25W nígbà tó ń fẹ́ kíkankíkan, bátìrì yẹn á gbé e ju wákàtí mẹ́ta lọ díẹ̀, kó tó kú. Bó bá jẹ́ 8W ló ń jẹ nígbà tó ń rọra fẹ́, ó lè tó wákàtí mẹ́wàá. Wákàtí 8 tó wà lára páálí kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ èyí tó ń rọra fẹ́ ló ń sọ, kò sì kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń wo páálí kọ rífíù á tún àṣìṣe yẹn kọ nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lórúkọ èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò sí láyé.

Àwọn kan gbà pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ìtàn ilé-iṣẹ́ Sunday Riley ní Amẹ́ríkà yẹ kó yí èrò wọn padà. Ìpara ojú ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń tà á lórí ìkànnì Sephora. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn tí FTC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìwà òwò níbẹ̀, fi kàn wọ́n, láàárín 2015 sí 2017 ni àwọn ọ̀gá ibẹ̀, títí kan olórí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ń fi àkáǹtì èké yin ọjà ara wọn. Nígbà tí Sephora yọ díẹ̀ lára rẹ̀ kúrò, wọ́n fura pé ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn ti ń wá ló tú àṣírí wọn, wọ́n bá wá ohun tí wọ́n máa fi bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní oṣù keje 2016, ímeèlì lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́: kí kálukú ṣí àkáǹtì mẹ́ta, kí orúkọ wọn má jọra, kí wọ́n sì máa ta ko rífíù tó bá bu ọjà wọn kó lè kúrò níbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwọn ò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2018, ẹni tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí gbé ímeèlì náà síta fáyé kà.

Lọ́dún 2019 ni FTC gbé ẹ̀sùn náà jáde. Ilé-iṣẹ́ náà gbà pé òun ò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́, kò sì san kọ́bọ̀. Méjì nínú àwọn kọmíṣọ́nnà àjọ náà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ò lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Nǹkan ti le sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Láti October 21, 2024, òfin FTC dárúkọ rífíù èké ní pàtó, owó ìtanràn fún ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo sì lè ju 50,000 dọ́là lọ. Ní Bìrìtìkó, láti April 2025 ni òfin ti kà á léèwọ̀, ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe é sì lè pàdánù tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un kárí ayé. Àwọn èèyàn wa tó ń ta ọṣẹ dúdú àti òrí ní Lọ́ńdọ̀nù ti wà lábẹ́ òfin yìí. Nílé níbí, òfin ààbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, kò fàyè gba ọ̀rọ̀ tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ọjà.

Síbẹ̀, n kì í kó òfin lé ọlọ́jà lórí bó bá wá bá mi. Ohun tí mo máa ń kọ padà ò gùn: "Àbúrò mi, mi ò ní lè kọ rífíù yìí, àwọn tó ra fáànù náà ló ni ín. Ṣùgbọ́n mo lè bá ẹ kọ àlàyé ọjà tó máa jẹ́ kó tà, mo sì lè bá ẹ kọ ohun tí wàá fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti rà á. Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?" Àwọn mìíràn á wá ẹlòmíràn lọ. Àwọn mìíràn á dúró.

Ọ̀kan tó dúró lára wọn, fáànù náà ló ń tà. Nọ́ńbà gbogbo àwọn tó ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ̀, kò kàn rò ó rí pé òun lè bi wọ́n ní nǹkan ni. Ohun tá a jọ kọ sí wọn nìyí: "Ẹ kú ilé o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ra fáànù lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mélòó ló ń bá yín lò bí wọ́n bá múná lọ? Kí ni ẹ ò fẹ́ràn nípa rẹ̀? Bí ẹ bá gbà mí láyè, màá gbé ọ̀rọ̀ yín síta bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú orúkọ tí ẹ bá fẹ́."

Ẹ kíyè sí i pé a ò tọrọ ìràwọ̀ márùn-ún. A fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé ọjọ́ tí fáànù bá dé, páálí nìkan ni oníbàárà tíì mọ̀. Ẹ̀rù ìbéèrè nípa ohun tí wọn ò fẹ́ràn ba ọmọ yìí gan-an, mo sì rọ̀ ọ́ kó fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò fèsì. Lára àwọn tó fèsì ni ẹni tó ní fáànù òun ò gba ṣáájì mọ́. Nígbà tá a wádìí, ó ti jẹ́ kó kú pátápátá, ó sì gbé e síbi kan fún ìgbà pípẹ́. Bátìrì olójé kì í fẹ́ irú rẹ̀, ó máa ń bàjẹ́ ni. Àwọn mìíràn yìn ín, wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi yìn ín.

Ìdáhùn wọn yìí ni mo fi tún àlàyé ọjà náà kọ, lẹ́nu ọlọ́jà fúnra rẹ̀: "Bó bá ń rọra fẹ́, ó lè dé wákàtí mẹ́jọ. Bó bá ń fẹ́ kíkankíkan, ẹ má retí ju wákàtí mẹ́ta lọ. Bí bátìrì bá kú, ẹ tètè ṣáájì rẹ̀, ẹ má gbé e tì." Abẹ́ rẹ̀ la to ọ̀rọ̀ àwọn tó gbà wá láyè sí, èyí tó ní ariwo rẹ̀ pọ̀ náà wà níbẹ̀. A tọ́jú fọ́tò ohun tí kálukú kọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè lè rí i. Iye àwọn tó ń gbé fáànù padà wá pé wákàtí rẹ̀ ò pé ti dínkù, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún mi.

Bí ọlọ́jà bá fẹ́ dín owó kù fún ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀, kó dín in fún ẹni tó yìn ín àti ẹni tó bú u bákan náà, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Àwọn ìkànnì kan wà, bíi Amazon, tí kò gbà á rárá. Ẹni tí kò tíì tà kankan ló ṣòro fún jù. Ìyẹn lè fún àwọn mélòó kan ní ọjà lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì sọ lójútáyé pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà á. Ó sì lè tan fáànù náà síwájú aago, kó ya fídíò rẹ̀ títí tó fi máa kú. Ẹ̀rí ọlọ́jà ni, orúkọ ọlọ́jà ló sì wà lára rẹ̀. Kò ní yá kíákíá bíi rífíù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí èèyàn kọ lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó máa yá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà lórí fóònù, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Bí ẹ bá ti lo ohun tí ẹ rà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ kọ ìlà méjì: ohun tó ṣe fún yín, àti ohun tí kò lè ṣe.