Bí Wọ́n Ṣe Ń Yọ Ariwo Jẹnẹrétọ̀ Kúrò Nínú Ohùn Tí Wọ́n Gbà Sílẹ̀ Lọ́jà

Ká ní oníròyìn rédíò kan lọ bá ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, ó sì fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyá náà mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kan ń kùn lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, ariwo ṣììì kan sì bo gbogbo ọ̀rọ̀ náà bí òjò winniwinni lórí páànù. Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, lè dín ariwo méjèèjì kù, nítorí pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà: bí wọ́n ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe rí lópin.

Orísun wọn kò dọ́gba. Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń yí bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ máa ń bú lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí kíkùn rẹ̀ fi ń wà ní 50 Hz, àti ní ìlọ́po rẹ̀: 100, 150, 200. Máìkì fóònù kì í gbọ́ 50 dáadáa. 100 àti 150 ló sábà máa ń dún jù. Ariwo ṣììì ní tirẹ̀, inú fóònù gan-an ló ti ń wá. Nígbà tí fóònù bá jìnnà sẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ṣe ni yóò gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀, yóò sì gbé ariwo inú ara rẹ̀ sókè pẹ̀lú.

Kíkùn ni kí oníròyìn náà kọ́kọ́ dojú kọ. Lẹ́yìn tó bá ti ṣe ẹ̀dà ohùn náà pa mọ́, yóò sàmì sí ibi tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, yóò sì ṣí `Plot Spectrum`, níbi tí kíkùn yóò ti yọrí sókè ṣóńṣó ní 100 àti 150. `High-Pass Filter` tí a gbé sí 80 Hz yóò gbá ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lọ. Ohùn obìnrin sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 200 Hz, kò ní pàdánù ohunkóhun níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni `Notch Filter` yóò gé 100, kó tó gé 150, pẹ̀lú `Q` tó tó 10. Bí `Q` bá ti ga jù, ibi tó ń gé á tín-ín-rín jù, jẹnẹrétọ̀ á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: bí wọ́n bá tan fíríìjì, ẹ́ńjìnnì á rọ díẹ̀, 100 á di 97. Kó má fọwọ́ kan 200 rárá, torí ibẹ̀ gan-an ni ohùn ìyá náà ń rìn.

Ó wá kan ariwo ṣììì. Yóò tún sàmì sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, yóò ṣí `Noise Reduction`, yóò sì tẹ `Get Noise Profile`. Bí ètò náà ṣe ń mọ ojú ariwo nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni yóò sàmì sí gbogbo ohùn náà, tí yóò sì tún ṣí i. Kó fi `Noise reduction (dB)` sí 6 tàbí 12. 12 ti tó láti sọ ariwo di ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ojúkòkòrò ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹni tó bá gbé e dé 30 á gbọ́ ohùn tó ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú omi. Lẹ́tà `s` ló sì máa ń kọ́kọ́ fara gbá a, torí òun náà jẹ́ ariwo ṣììì tó ga, ó ga ju `ṣ` lọ. Bí wọ́n bá gé òkè rẹ̀ kúrò, ìyá náà tó sọ pé àwọn ń sá iṣu sóòrùn á wá dún bí ẹni ń ṣá a. Láti mọ̀ bóyá ó ti pọ̀ jù, kó tẹ `Residue`, kó gbọ́ ohun tí ètò náà fẹ́ yọ dà nù. Bí ariwo nìkan bá wà níbẹ̀, ó dára. Bí ó bá ń gbọ́ wóróhùn ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kó dín dB kù.

Gbogbo èyí kò ran ariwo tí kì í dúró lójú kan. Ẹ̀rọ ata tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó ń pe oníbàárà àti fèrè ọ̀kadà kò jọ àpẹẹrẹ tí ètò náà gbà. Bí fèrè bá bo iye tí ìyá náà pe kóńgò èlùbọ́ kan, kí oníròyìn náà tẹ̀ ẹ́ láago, kó bẹ̀ ẹ́ kó tún iye náà sọ.