Aṣọ Ńlá Kì í Ṣe Aṣọ Kékeré Tí A Fẹ̀

Ní Orè, oríta tí ọ̀nà Ṣàgámù, ti Bìní, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti ń pàdé, obìnrin tí àyà rẹ̀ wọn inṣì 36 lè nawọ́ mú aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sẹ́nu ìsọ̀, kí ó sanwó, kí ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí tirẹ̀ wọn inṣì 48, bí ó tilẹ̀ rí nọ́ńbà ara rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn aṣọ, kì í sábà rí ara rẹ̀ nínú aṣọ náà. Ejìká aṣọ a yọ̀ sílẹ̀ sí apá, ọrùn a là gbàgà, ìgbátí iwájú a fò sókè ju ti ẹ̀yìn lọ, àwọn tí ń tajà a sì máa sọ fún un pé ara rẹ̀ ni kò gbàṣọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà nìyẹn. Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀bi náà wà ní tòótọ́, ọ̀dọ̀ agébátànì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ẹni tí ó jókòó síbi tó jìnnà sí Orè, tí ó gé bátànì kan ṣoṣo sí ara ẹnì kan tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, tí ó sì wá fẹ̀ ẹ́ láti sáìsì dé sáìsì fún àwọn tí kò fojú kàn rí.

Fífẹ̀ bátànì báyìí ni àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ náà ń pè ní gíréédì, kò sì rọrùn bí ojú ti ń wò ó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a rò pé kí a sáà gbé bátànì 36 sínú ẹ̀rọ àdàkọ, kí a fẹ̀ ẹ́ títí àyà yóò fi di 48, ni ó kù. Kí a fi ìṣirò dán an wò: 48 jẹ́ 36 pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, nítorí náà ohun gbogbo lára bátànì ni yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta gùn sí i. Ejìká tí ó jẹ́ inṣì 5 yóò súnmọ́ inṣì 7, apá aṣọ tí ó jẹ́ inṣì 23 yóò sì kọjá inṣì 30, tí ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò pòórá sínú rẹ̀. Ẹran ara ni ó ń pọ̀ nígbà tí àgbàlagbà bá sanra. Egungun rẹ̀ kì í gùn sí i. Ìdí rẹ̀ nìyí tí agébátànì fi ń pín àfikún náà láìdọ́gba.

Ọ̀nà kan tí ó wọ́pọ̀ rèé. Bí sáìsì bá fi inṣì 2 ga ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, ààbọ̀ inṣì ni yóò kan ìdá mẹ́rin-mẹ́rin aṣọ, nítorí iwájú ní apá méjì, ẹ̀yìn sì ní méjì. Nínú ààbọ̀ inṣì yìí, ọrùn yóò gba 1/16, ejìká yóò gba 1/8, gbogbo èyí tí ó kù, tí í ṣe 5/16, yóò sì lọ sábẹ́ apá àti ẹ̀gbẹ́. Láti 36 dé 48 jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́fà; lópin ìrìn náà, ejìká tí ó jẹ́ inṣì 5 yóò ti di inṣì 5 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin péré, nígbà tí abẹ́ apá yóò ti fẹ̀ tó inṣì 2 dín díẹ̀ ní ìdá kọ̀ọ̀kan. Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àfikún bátànì.

Ìgbésẹ̀ fúnra rẹ̀ pàápàá kì í dọ́gba. Láàrin àwọn sáìsì kékeré, inṣì 1 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò. Láàrin àwọn ti àárín, inṣì 1 àti ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tóbi, inṣì 2. Wọ́n ní inṣì kan a máa hàn gbangba lára ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n lára ẹni tí ó sanra kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé òótọ́ yìí a máa dín iye sáìsì tí oníṣòwò ní láti rán kù, èyí tí ó mú kí n má fi gbogbo ẹnu gbà á.

Àríyànjiyàn tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti ibi tí ó yẹ kí a ti dá fífẹ̀ dúró. Apá kan ní bí a bá ti mọ ìpín náà dáadáa, bátànì kan lè bí gbogbo sáìsì. Apá kejì, tí èmi náà wà lẹ́yìn wọn, ní bátànì kò gbọ́dọ̀ rìn ju ìgbésẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ kúrò ní ìdí rẹ̀, nítorí àṣìṣe kékeré tí a fi pa mọ́ nínú ìgbésẹ̀ kìíní ni yóò di ńlá nínú ìkẹfà. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ènìyàn bá ti ń tóbi, kì í tóbi yíká bákan náà: ọmú a máa wúwo, a sì máa sọ̀ kalẹ̀, ikùn a yọ síwájú, òkè apá a ki. Iwájú aṣọ nílò gígùn láti gun orí gbogbo òkè wọ̀nyí kọjá, ẹ̀yìn kò sì nílò rẹ̀. Dáàtì tí ó tó fún 36 kò lè tó fún 48, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí góńgó rẹ̀ wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ìlà tí ó fà láti abíyá wá sí ọmú, tí ìgbátí iwájú sì fò, kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú pé òun nílò sáìsì tí ó ga sí i. Bí ó bá gbà á, ejìká ni yóò yọ̀ sílẹ̀, ìlà náà yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí a gé ìdí bátànì mìíràn ní 44, kí a wọ̀ ọ́ fún ènìyàn ẹlẹ́ran ara tí ó ní ìwọ̀n náà, kí a sì ti ibẹ̀ fẹ̀ ẹ́ sókè sódò. Owó ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Tábìlì ìwọ̀n tí púpọ̀ nínú wọn jogún pàápàá, ta ni a fi ara rẹ̀ wọ̀n? Ní 1939 àti 1940, Ẹ̀ka Ìjọba Amẹ́ríkà fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ wọn obìnrin tí ó tó 15,000, wọ́n sì yọ ìwọ̀n àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun kúrò nínú èsì. Orí iṣẹ́ yìí ni wọ́n gbé ìlànà sáìsì ti 1958 kà, tí ìjọba wọn sì fagi lé ní 1983. Bí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ kò bá bá ìdí àti ẹ̀yìn obìnrin Orè mu, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Àwọn télọ̀ wa ní Orè ń fọwọ́ sọ̀yà pé téèpù àwọn kò mọ gíréédì, pé olúkúlùkù ni àwọn ń wọ̀n. Lóòótọ́, ẹni tí ó bá wọn ejìká lọ́tọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì ìṣòro náà láìmọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé àyà nìkan ni wọ́n ń wọ̀n, tí wọ́n sì ń fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ gé jíjìn ihò apá: 36 yóò fún wọn ní 9, 48 yóò fún wọn ní 12. Ihò apá oní-inṣì 12 kì í fún ọwọ́ ní ìrọ̀rùn rárá. Bí obìnrin náà bá gbọ́wọ́ sókè láti dá ọkọ̀ dúró, gbogbo aṣọ ni yóò bá a gòkè. Bùbá ní tirẹ̀ kì í dójú tini. Ejìká rẹ̀ ti rọ̀ sórí apá láti ìbẹ̀rẹ̀, kò bá egungun ẹnikẹ́ni díje, ó sì láyè lábẹ́ abíyá; inṣì mẹ́rin lè pọ̀ tàbí kí ó dín, kò ní hàn. Ìgbà tí a gba gáùn afúnra, tí ó ń wá ibi tí egungun parí sí àti ibi tí ẹran ti bẹ̀rẹ̀, ni a gba wàhálà gíréédì mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ń ran gáùn bẹ́ẹ̀ fún obìnrin oní-inṣì 48, kí ó fi téèpù wọ̀n láti ìdí ọrùn dé góńgó ọmú, àti láti góńgó ọmú dé ìbàdí, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí ó tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ.