Gáàsì kọ́ ló fa omi tó ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì, páìpù ló dí!

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó gáàsì nítorí pé amúlétutù ilé rẹ̀ ń kán omi, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tójú tọkọtìyàwó kan rí ní Súrùlérè, l'Ékòó. Òru ni omi tútù já lu ìyàwó lójú oorun, ó sì kọ́kọ́ rò pé òrùlé ló ń jò. Àfìgbà tó tanná, tó rí i pé abẹ́ éésì ni omi ti ń kán tó, tó, tó, tó sì ti ń ṣàn lára ògiri lọ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì iná.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè ò tiẹ̀ tú nǹkan kan wò tó fi ní gáàsì ti lọ sílẹ̀. N25,000 ló gbà, ó rọ gáàsì sí i, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tómi tún bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kejì ò fọwọ́ kan gáàsì rárá. Ìta ló gbà lọ, ó ní kí ìyá ilé wá wo páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lẹ́yìn ògiri. "Mọ́mì, éésì yín ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹnu páìpù yìí gbẹ. Omi tó yẹ kó gba ibí jáde ló ń kán sí yín lórí yẹn."

Bí ìgò omi tútù ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ náà ni irin tútù inú amúlétutù ń làágùn. Àwo gbọọrọ kan wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń gba òógùn náà, ibẹ̀ ni omi ti ń ṣàn wọ inú páìpù fúnra ẹ̀. Eruku tó bá gba ara fílítà kọjá ló ń pò mọ́ omi, tó ń di ìdọ̀tí tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Bó bá dí páìpù, àwo á kún, á sì dà sínú yàrá.

Ọkùnrin náà paná éésì pátápátá. Ó ki ẹ̀rọ tó ń fa omi bọ ẹnu páìpù níta, ó fi àkísà dí àyè tó kù, ó sì fà á fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ìdọ̀tí dúdú ló jáde. Kò fẹ́ atẹ́gùn líle sínú ẹ̀, torí ìyẹn lè tú ibi tí wọ́n ti so páìpù pọ̀ nínú ògiri. Ó wá rọra da omi lítà kan sínú àwo, gbogbo ẹ̀ sì jáde síta. Ìgbà yẹn ló tó fọ fílítà.

Ó ní bí omi bá ń jáde dáadáa níta, síbẹ̀ tó ń kán nínú ilé, ó lè jẹ́ pé wọn ò gbé éésì náà kọ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá bo irin inú ẹ̀, ó lè jẹ́ pé fílítà ló dọ̀tí, tàbí kí gáàsì ti lọ sílẹ̀ lóòótọ́.

Ní báyìí, kí ìyàwó náà tó sùn, ẹnu páìpù ìta ló kọ́kọ́ ń lọ wò.