UBA wo lẹ ń wò? Bí a ṣe ń mọ ọjà ṣíà, àmì àti irú ṣíà

Àǹtí wa kan fi àwòrán ojú fóònù ránṣẹ́. Bàbá wọn fi ṣíà UBA sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n tẹ UBA sórí fóònù, iye tó jáde jẹ́ dọ́là, wọ́n wá ń bèèrè bóyá káwọn tà á kíá. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn lẹ rí yẹn.

Ọjà ṣíà kọ̀ọ̀kan ló ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àmì. Èkó kì í bi Amẹ́ríkà kó tó fúnni lórúkọ. Ìyá Bọ́lá lè wà ní Lọ́kọ́jà, kí Ìyá Bọ́lá mìíràn wà ní Kàbà. UBA ti ọjà Èkó, ìyẹn NGX, ni báńkì wa. UBA ti ọjà NYSE ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ ni Urstadt Biddle Properties, àwọn tó máa ń fi ilé ìtajà háyà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ti rà wọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àmọ́ iye àtijọ́ wọn ṣì lè jáde lórí fóònù.

Nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́jà, ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà tún ní irú ṣíà méjì. UBP kan máa ń ní ìbò kan nípàdé nígbà náà. UBA tiwọn, kíláàsì A, 20 lèèyàn máa ń kó jọ kó tó pé ìbò kan, ṣùgbọ́n èrè ọdọọdún rẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Ẹ ò rí i pé orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan kò tó.

Torí náà, orúkọ tó wà lórí ìwé ṣíà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé: United Bank for Africa Plc. Ìwé náà á sọ irú ṣíà fún yín: Ordinary Shares, 50 kọ́bọ̀. 50 kọ́bọ̀ yẹn kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á o! Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ yẹn lórí ngxgroup.com. Ẹ ó rí àmì rẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì rí ISIN, nọ́ńbà onílẹ́tà tó gùn tó 12. Ti báńkì wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NG. Bó bá jẹ́ US lẹ rí, ẹ ti ṣìnà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà Lómé àti Àbíjáǹ, tiyín tún yàtọ̀. Ecobank àgbà tó wà ní Lómé ń jẹ́ ETI l'Ékòó àti ní Àkírà, ó wá ń jẹ́ ETIT ní Àbíjáǹ. Ṣíà kan náà ni, ISIN rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TG. Ṣùgbọ́n ECOC tẹ́ ẹ máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Àbíjáǹ, Ecobank ti Kodifuá nìkan nìyẹn, CI ni tiẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ra ọ̀kan kò tíì ra èkejì.