Ìkéde Tó Ń Wá Òṣèré, àti Owó Tó Wà Nídìí Rẹ̀

Ká ní ìkéde kan jáde láti Sùúrùlérè báyìí. Fíìmù kúkurú ni, ìṣẹ́jú 15, ọjọ́ méjì ni wọ́n máa fi yà á. Wọ́n ń wá Ìyá Àlàkẹ́, opó ẹni ọdún 55 sí 65 tó gbọ́ Ìjẹ̀bú dáadáa. Wọ́n ń wá Àlàkẹ́ ọmọ rẹ̀, àti ọlọ́pàá kan tó máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọjọ́ orí tí wọ́n kọ yẹn kì í ṣe ti ìwé ìbí. Ohun tí ojú rẹ bá lè gbé nínú kámẹ́rà ni. Ẹni ọdún 48 lè ṣe opó yẹn. Ìjẹ̀bú ni kò ṣeé dọ́gbọ́n sí, torí kò ní pẹ́ tí ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń wò ó fi máa mọ̀ pé irọ́ ni.

Fídíò ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Dá fóònù dùbúlẹ̀, kó mú ọ láti àyà dé orí, kí o kọjú sí fèrèsé. Sọ orúkọ rẹ àti ipa tí o fẹ́ kó. Ẹni tó ń dá ọ lóhùn gbọ́dọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, torí òun ló sún mọ́ fóònù jù. Bí wọ́n bá wá pè ọ́ fún àyẹ̀wò ojúkojú, olùdarí lè ní kí o fi ẹ̀rín sọ èébú tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìbínú sọ. Kò túmọ̀ sí pé o ò ṣe é dáadáa. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣeé darí ni.

Ó wá ku owó. Bí wọ́n bá kọ “owó ọkọ̀ àti oúnjẹ wà”, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn, ó sì sàn ju “owó tó jọjú” tí kò ní iye lọ. Ká ní 30,000 náírà ni wọ́n kọ fún ìyá yẹn. Ti ọjọ́ kan ni, àbí ti gbogbo iṣẹ́? Bó bá jẹ́ ti gbogbo iṣẹ́, ọjọ́ méjì ìyàwòrán pẹ̀lú ọjọ́ kan ìdánrawò di mẹ́ta, 10,000 lójúmọ́. Bí ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ bá gba 4,000, ó ku 6,000, aṣọ ọ̀fọ̀ sì lè jẹ́ tìrẹ. Ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní wákàpáàsì náà lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí gbólóhùn kan, nítorí náà ọjọ́ ni kó fi ṣírò owó tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá ní ẹ máa pín èrè, kà á sí òfo, torí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í sábà mówó wọlé. Ohun tó yẹ kí o gbà lákọsílẹ̀ ni orúkọ rẹ níparí fíìmù, àti ọjọ́ tí wọ́n máa fún ọ ní ibi tí o ti ṣeré, kí o lè fi wá iṣẹ́ mìíràn.

Ẹni tó bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù, tàbí kí o wá ṣe àyẹ̀wò ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, kò ní fíìmù kankan tó fẹ́ yà.