Ẹni Tó Ń Fa Àlejò Kalẹ̀

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún àlejò láti fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi í mọ àwùjọ gba máìkì, ó ṣí ojú ìwé méjì tí wọ́n tẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí wọ́n ti bí àlejò náà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọlé, girama tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà oyè yunifásítì, àwọn ẹgbẹ́ tó wà, oyè tí wọ́n fi jẹ nílùú ìyàwó rẹ̀, iye ọmọ tó bí. Ojú ìwé méjì tó kún dáadáa lè tó 800 ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń kà á ketekete kì í sábà ju nǹkan bí 130 ọ̀rọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ti lọ nìyẹn. Kí àlejò tó dìde, àwọn tó wà lẹ́yìn ti gbé fóònù jáde.

Èmi náà ti jẹ̀bi irú rẹ̀ rí. Níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kan, mo ka ìwé tí wọ́n fún mi bó ṣe wà, mo sì pe àlejò ní olórí ẹ̀ka iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Nígbà tó gba máìkì, ọ̀rọ̀ mi ló kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ̀rín ló fi ṣe é o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó bá wá ló fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti atọ́kùn ètò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n sábà máa ń dì í rù. Atọ́kùn ló ń sọ ohun tó kàn, tó sì ń ṣọ́ aago. Alága ló jókòó sórí ìpàdé. Ẹni tó ń fa àlejò kalẹ̀ ni ẹnì kẹta, ẹni tó mọ àlejò tàbí tó mọ iṣẹ́ àlejò, tó sì tún mọ àwọn tó wà níjòókòó. (N kò fẹ́ pè é ní afinihàn, nítorí Júdásì ni ọ̀rọ̀ yẹn máa ń mú wá sọ́kàn ẹni tó bá ti ka Bíbélì.)

Láti 1564 ni Yunifásítì Oxford ti ní ipò kan tó fara jọ èyí. Ẹni tó bá wà nípò náà ló ń dìde níbi ayẹyẹ ìfinijoyè láti sọ irú ẹni tí àwọn tí wọ́n fẹ́ fún ní oyè ìdánilọ́lá jẹ́, kó tó fà wọ́n lé ọ̀gá pátápátá yunifásítì lọ́wọ́. Èdè Látìn ló sì fi ń sọ ọ́ títí di òní. Ní tiwa, abẹ́ Yunifásítì London ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí ní 1948, kó tó dá dúró ní 1962. Aṣọ ayẹyẹ, fìlà onígun mẹ́rin àti kíka ìtàn ìgbésí ayé ẹni tó ń gboyè, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti rí gbogbo wọn. Níbi ìfinijoyè, ó tọ́ kí ìtàn náà gùn díẹ̀, nítorí ìtàn ẹni náà gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ pé jọ. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé a gbé e kúrò níbẹ̀, a sì gbé e wọ gbọ̀ngàn tí èèyàn kan ti fẹ́ fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ̀bi ibẹ̀ kì í ṣe ti Oxford nìkan, nítorí a ti ní tiwa tẹ́lẹ̀. Ní ààfin, kí àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà ni onílù á ti fi dùndún kì í, ọba tó wà nínú ilé á sì ti mọ ẹni tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n oríkì, ẹni tó ni ín ni wọ́n ń kọjú rẹ̀ sí. “Ìwọ” ni akéwì ń pè é, torí kí orí rẹ̀ lè wú. Ìfàkalẹ̀ inú gbọ̀ngàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí àlejò kọ́ la fẹ́ kó wú níbẹ̀, etí àwọn tó jókòó la fẹ́ kó ṣí. Ẹ máa wo ẹni tó bá gbàgbé ìyàtọ̀ yìí: àlejò ni á máa wò bó ti ń kàwé, á máa rẹ́rìn-ín sí i, àwùjọ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń wo tọkọtaya tó ń tage.

Ẹnì kan wà tó ṣe méjèèjì láìda wọ́n pọ̀, àlejò rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ wa. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1986, nínú gbọ̀ngàn orin ńlá Stockholm, Lars Gyllensten, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ Akadẹ́mì Sweden, dìde láti sọ ìdí tí ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ fi kan Wọlé Ṣóyínká. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ti sọ tirẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nítorí náà kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló kàn, ẹ̀bùn ló kàn. Àwùjọ ni Gyllensten kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀: ó sọ pé òǹkọ̀wé yìí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, pé inú ìtàn àti ìṣe àwọn Yorùbá ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, ó sì mẹ́nu ba eré orí ìtàgé rẹ̀. Nígbà tó parí ìyẹn, ó yíjú sí Ṣóyínká, ó sọ gbólóhùn díẹ̀ sí i ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kí i kú oríire lórúkọ Akadẹ́mì, ó sì ní kó wá gba ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ ọba. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni “ìwọ” tó wà níbẹ̀, ìparí ló sì wà. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ló gbé àlejò dìde.

Ẹ jẹ́ ká wá mú un wá sílé. Ká sọ pé ẹgbẹ́ àwọn ìyálọ́jà kan pe dókítà obìnrin kan, ká pè é ní Dókítà Lágbájá, kó wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọdún tó gboyè ìṣègùn, àwọn oyè tó gbà lẹ́yìn ìyẹn, ìwádìí 43 tó ti tẹ̀ jáde, ẹgbẹ́ mẹ́rin tó wà, àti pé ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń tọ́jú àwọn alárùn náà. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú kì í tètè dé, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọjà. Ohun tí màá sọ nìyí:

“Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru kiri láìmọ̀, torí pé kì í sábà dunni. Dókítà tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lónìí ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n á gbé ẹ̀rọ wọn wá sínú ọjà, wọ́n á jókòó lórí àpótí bíi tiwa, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n fún ẹni tó bá fẹ́. Wọ́n fẹ́ bá wa sọ ìdí tí a fi máa ń dá oògùn dúró nígbà tára bá ti yá, àti ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Dókítà Lágbájá.”

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ara àwọn tó jókòó ni gbólóhùn àkọ́kọ́ wà, kì í ṣe ara àlejò. Ìkejì sọ ẹ̀tọ́ tó ní láti sọ̀rọ̀, ìkẹta sọ ìdí tí ìyálọ́jà fi lè gbà á gbọ́. Ìkẹrin nawọ́ sí kókó ọ̀rọ̀ láìdáhùn rẹ̀, nítorí bí mo bá ti ṣàlàyé ohun tó ń tẹ̀yìn dídá oògùn dúró yọ, mo ti jẹ nínú oúnjẹ àlejò. Ìwádìí 43 kò wọlé. Bó bá jẹ́ àpérò àwọn oníṣègùn ni, òun gan-an ni màá mú síwájú, àpótí inú ọjà ni ì bá sì kúrò. Ìyìn ńlá náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ àlejò á dùn ju oyin lọ ti dá gbèsè tí ẹlòmíì máa san.

Ìparí ni orúkọ wà, ó sì nídìí. Orúkọ ni àtẹ́wọ́ ń bá rìn. Bí a bá dá a sọ níbẹ̀rẹ̀, àwọn kan á ti máa pàtẹ́wọ́, àlejò á ti dìde dé ìlàjì, á tún rọra jókòó padà.

Àmọ́ orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn iṣẹ́ ni kò ní àmì ohùn, bí àlejò bá sì jẹ́ ará Ẹdó, Igbo tàbí Ìjọ̀, a ò gbọ́dọ̀ méfò rárá. Ó yẹ ká pè é lórí fóònù lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ká ní kó pe orúkọ rẹ̀ fún wa, ká kọ ọ́ bí a ṣe gbọ́ ọ, ká sì bi í bóyá ipò tó wà nínú ìwé ló ṣì wà. Ìbéèrè kan yẹn ì bá gba èmi náà lọ́jọ́sí.

Oyè náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní 2017, Julia Files àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń fa àwọn dókítà kalẹ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láàárín ara wọn. Nígbà tí ọkùnrin bá ń fa ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ìdá 72 nínú 100 ló fi oyè rẹ̀ pè é. Nígbà tó bá kan obìnrin, ó já sí 49. Àwọn obìnrin tó ń fa èèyàn kalẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ojúsàájú: ìdá 96 ni wọ́n fi oyè pè, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà tó ń gbà jáde ni “Ìyáàfin.” Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì á jókòó sórí pèpéle, ọkùnrin á jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin á jẹ́ Ìyáàfin, ẹni tó sọ ọ́ á sì búra pé ọ̀wọ̀ lòun fi fún un. Oyè kan náà la fi ń pe àwọn méjèèjì bí iṣẹ́ kan náà ló gbé wọn wá.

Ibi tó kù ni ìfàléni-lọ́wọ́ gan-an, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti dé orí orúkọ, wọ́n á yíjú sí àlejò kí wọ́n tó pè é tán, máìkì kò sì ní í gbọ́ ìdajì rẹ̀. Àwùjọ la máa wò títí orúkọ fi jáde tán pẹ̀lú ohùn kan náà, kí a tó yíjú. Àwa la máa kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, a ò sì ní í kúrò níbẹ̀ títí àlejò á fi dé, nítorí pèpéle tó ṣófo máa ń pa àtẹ́wọ́. Bí àlejò bá jù wá lọ, tí ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀ bá kàn, ẹ kọ́kọ́ gbé máìkì sórí ọ̀pá rẹ̀, torí ẹni tó bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ á jẹ́ kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ bí orúnkún ṣe ń ké. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun àgbà náà, ẹ gbé máìkì lọ bá a níbi tó jókòó sí. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kejì kúrò, kí ẹ má baà kọlu ara yín lórí àtẹ̀gùn.

Kí ẹ sì mú ìwé yín dání. Mo ti rí àlejò tó dé ìdí tábìlì, tó bá ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ níbẹ̀, tó wọ dígí ojú rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tí wọ́n fò.