Mẹ́rin ni n, kì í ṣe méjìlá: ìdánwò t àbí Ánófà?

Ká ní a fẹ́ mọ bí sáyánáídì ṣe ń dínkù nínú ẹ̀gẹ́ tí a rin fún gàrí, bí a bá jẹ́ kó kan fún ọjọ́ 1, ọjọ́ 3 tàbí ọjọ́ 5. A rin ẹ̀gẹ́ sínú àpò 12, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni a rin ti àpò kọ̀ọ̀kan, a wá ṣẹ́ gègé pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ọjọ́ àpò kan bá pé, a bù nínú rẹ̀ lọ sí lábù, a sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwọ̀n 36 ló wà nínú ìwé wa nígbà tí iṣẹ́ parí.

Ibí yìí ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó mú ìdánwò kankan. Ọmọ ìyá kan náà ni ìwọ̀n mẹ́ta tó ti inú àpò kan jáde. Wọ́n lè sọ fún wa bóyá ọwọ́ wa gún àti bóyá ẹ̀rọ wa dúró dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí àpò kan ṣe ń yàtọ̀ sí òmíràn. Ẹni tó bá kà wọ́n sí ẹlẹ́rìí mẹ́ta ti sọ ẹlẹ́rìí 12 di 36, iye p rẹ̀ yóò sì máa kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá ìpíndọ́gba ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí àpò kọ̀ọ̀kan ní iye kan ṣoṣo. Ó di pé n jẹ́ 4 ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ká ní ohun tó jáde nìyí, ní mílígíráàmù nínú kílò kan. Ọjọ́ 1: 18, 20, 21, 21. Ọjọ́ 3: 12, 14, 15, 11. Ọjọ́ 5: 13, 11, 10, 14. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 20, 13 àti 12.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀wọ́ méjì péré la ní, ìdánwò t ti tó. Wílíámù Gósẹ́ẹ̀tì tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìpọntí Gínẹ́ẹ̀sì ní Dọ́búlìnì ló gbé e jáde lọ́dún 1908, nítorí pé ìwọ̀n díẹ̀ ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lo irú ti Wẹ́ẹ̀shì, tí kò béèrè pé kí ọ̀wọ́ méjèèjì fọ́nká bákan náà. Bó bá sì jẹ́ pé àpò kan náà la bù lọ́jọ́ 1, tí a tún padà bù lọ́jọ́ 3, ìdánwò t oníméjì-méjì ló tọ́ sí i, torí àpò kọ̀ọ̀kan ń bá ara rẹ̀ díje ni.

Ọ̀wọ́ mẹ́ta la ní, ó sì ń ṣe èèyàn bíi kó ṣe ìdánwò t lẹ́ẹ̀mẹta: 1 àti 3, 1 àti 5, 3 àti 5. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ló ní ewu ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún pé ó lè pe àkọsẹ̀bá ní òótọ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá gbára lé ara wọn, ewu pé ó kéré tán ọ̀kan yóò parọ́ jẹ́ 1 − 0.95³, ìyẹn bí ìdá 14. Tiwa ń pín àpò lò láàárín ara wọn, ewu náà lè dín díẹ̀, síbẹ̀ ó ju 5 lọ dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ánófà ń béèrè ìbéèrè rẹ̀: ṣé bí àwọn ìpíndọ́gba ṣe jìnnà síra ju ohun tí ìfọ́nká àwọn àpò nínú ọ̀wọ́ lè fà lọ? Nínú ọ̀wọ́, ìfọ́nká jẹ́ 26 ÷ 9, ìyẹn 2.89. Láàárín ọ̀wọ́, ó jẹ́ 152 ÷ 2, ìyẹn 76. Bí a bá fi 2.89 pín 76, F jẹ́ 26.3.

Nínú R, níbi tí `d` ti jẹ́ tábìlì tó ní ìlà kan fún àpò kọ̀ọ̀kan:

```
d$ojo <- factor(d$ojo)
m <- aov(sayanaidi ~ ojo, data = d)
summary(m)
TukeyHSD(m)
```

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ má fò. Bí ẹ bá fò ó, R yóò rí 1, 3 àti 5 gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà, yóò sì fa ìlà tààrà gba àárín wọn kọjá. Ẹ wo `Df` tó wà níwájú `ojo`: 2 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 1, àṣìṣe náà ti wọlé. Bí ìfọ́nká àwọn ọ̀wọ́ bá sì yàtọ̀ gan-an síra, `oneway.test` ni kí ẹ lò dípò `aov`.

F kò sọ ọ̀wọ́ tó yàtọ̀. Ó kàn sọ pé gbogbo wọn kò dọ́gba ni. Ìfiwéra Túkì ló ń sọ èyí tó yàtọ̀, tòun ti ewu tí a ti kó níjàánu. Bí mo ṣe máa kọ àbájáde náà rèé:

“Àpò ni a kà sí n (mẹ́rin ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ìpíndọ́gba ìwọ̀n mẹ́ta ni iye àpò kọ̀ọ̀kan). Ìpíndọ́gba ± SD jẹ́ 20.0 ± 1.4 lọ́jọ́ 1, 13.0 ± 1.8 lọ́jọ́ 3 àti 12.0 ± 1.8 lọ́jọ́ 5. Ánófà onílà kan: F(2, 9) = 26.3, p < 0.001. Nínú ìfiwéra Túkì, ọjọ́ 1 fi 7.0 ju ọjọ́ 3 lọ (ààlà ìdá 95: 3.6 sí 10.4), ó sì fi 8.0 ju ọjọ́ 5 lọ (4.6 sí 11.4). Ìyàtọ̀ ọjọ́ 3 àti 5 jẹ́ 1.0 (−2.4 sí 4.4).”

Èmi kì í kọ “p < 0.05” lásán, n kì í sì í fi “±” sílẹ̀ láìsọ bóyá SD ni tàbí SE, nítorí pé pẹ̀lú àpò mẹ́rin, SE jẹ́ ìdajì SD péré.

Ẹ tún padà wo ààlà tó kẹ́yìn yẹn. Kò sọ pé ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 5 dọ́gba. Ọjọ́ méjì tó lé yẹn ṣì lè dín mílígíráàmù 4 kù, kó má hàn sí wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú yóò rin àpò púpọ̀ sí i. Wíwọn àpò kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá kò lè mú ààlà yẹn sún mọ́ra tó bó ṣe fẹ́.